Ẹsẹ̀ yín yá, àṣìṣe yín pọ̀: ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi sikánà ṣe ní wẹ́háòsì

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó wá kàwé ní Ìlú Ọba ló jẹ́ pé iṣẹ́ ṣíṣa ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí. Ẹ bá wọn ní Daventry, ẹ bá wọn ní Lutterworth, ẹ bá wọn ní Northampton, níbi tí àwọn wẹ́háòsì ńláńlá tò sí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ́jẹ́ńsì á pè wọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, á pè wọ́n lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́yìn náà fóònù á dákẹ́. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ àwọn ni kò yá tó. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí àwọn ẹni tuntun tẹ̀ lé ní ibi iṣẹ́ wa, mo sì ń sọ fún yín pé nínú ọ̀pọ̀ tí mo rí, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kọ́. Àṣìṣe tó ń wọlé sórí orúkọ wọn ló ń lé wọn. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí owó ilé ìwé àti owó ilé ló ń bá ṣífìtì wọ̀nyẹn lọ.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tan sikánà, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń sọ ọjà tí ẹ máa ṣà àti ibi tó wà, tàbí bí wọ́n ṣe ń wọlé sórí rẹ̀. Wọ́n ti fi ìyẹn hàn yín lọ́jọ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Èkíní: ẹ ń ka iye, ẹ kò ka lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀

Ní ibi púpọ̀, lẹ́tà méjì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ̀rọ bá bèèrè. `EA` ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan, `CS` ni odindi páálí. Bí ẹ̀rọ bá kọ `QTY 2 CS` fún ọṣẹ tí ẹyọ 24 wà nínú páálí rẹ̀ kan, ọṣẹ 48 ló ń bèèrè. Ẹni tuntun á mú ẹyọ méjì, á tẹ méjì wọlé, ẹ̀rọ á gbà á, á sì máa lọ. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù kan fi ń rí ọṣẹ méjì gbà níbi tó ti ń retí páálí méjì. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ó kọ `EA`, ẹ gbé páálí.

Ẹ lè ní kí ló dé tí ẹ̀rọ kò fi kígbe. Ìdí ni pé kì í ṣe gbogbo wẹ́háòsì ló ń ní kí ẹ sikáànù ọjà fúnra rẹ̀. Níbòmíì, nọ́ńbà kékeré ara lébẹ́ẹ̀lì pẹpẹ nìkan ni wọ́n ń ní kí ẹ tẹ̀. Ẹ̀rọ á mọ̀ pé ẹ dé iwájú pẹpẹ náà, àmọ́ kò mọ ohun tí ọwọ́ yín mú. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń sikáànù ọjà, báàkóòdù ara páálí yàtọ̀ sí ti ara ẹyọ. Ti ẹyọ sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà 13, ti páálí a jẹ́ 14. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ ọ́, ó lè jẹ́ pé ti páálí lẹ sikáànù níbi tó ti ń retí ti ẹyọ. Ẹ wo lẹ́tà méjì yẹn kí ẹ tó ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo ti rí ẹni tó pa báàkóòdù tì, tó ń fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà wọlé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ lè gbà fún un. Ó gbà fún un lóòótọ́. Ọjà tó gbé kò tọ̀nà.

Èkejì: ọfà ara lébẹ́ẹ̀lì

Ara irin tó dábùú láàárín pẹpẹ òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́. Bí ọfà rẹ̀ bá kọjú sókè, àyè òkè irin náà ló ń sọ. Bó bá kọjú sísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ni. Ẹ wò ó.

Ẹ̀kẹta: títẹ iye wọlé kí ọwọ́ tó kan ọjà

Ẹ má ṣe é. Ẹ kà á sínú kéèjì, ìyẹn àgò onírin oníkẹ̀kẹ́ tí ẹ ń kó ọjà sí, tán, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ó kan èyí tó ń gba oorun lójú mi báyìí, ìyẹn bọ́tìnnì `SHORT`.

Iṣẹ́ `SHORT` ni láti sọ fún ẹ̀rọ pé iye tó bèèrè kò sí níbi tó ní kí ẹ lọ. Àwọn ẹni tuntun ti sọ ọ́ di bọ́tìnnì ìkánjú. Wọn ò rí ọjà lójú kan ṣoṣo, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ lójú mi, kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà.

Ẹ̀rọ ní kí arákùnrin kan lọ sí `14-062-B-03`. Ìyẹn ni ọ̀nà 14, àgbékà 062, pẹpẹ B, àyè kẹta. Agolo tòmátì mẹ́fà ló bèèrè. Mẹ́rin ló wà níwájú. Ó mú mẹ́rin, ó tẹ mẹ́rin, ó tẹ `SHORT`. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin ni mo rí o." Mo ní, "Àbúrò, ṣé o wo ẹ̀yìn?" Kò wò ó. Páálí agolo 12 kan wà lẹ́yìn pátápátá, wọn ò tíì ṣí i, ó fara ti irin ẹ̀yìn. Agolo 16 ni ẹ̀rọ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kó tó dé, òótọ́ sì ni ẹ̀rọ náà mọ̀.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Níwọ̀n bó ti sọ pé ọjà ti tán, ẹ̀rọ sọ àyè yẹn di òfo nínú ìwé rẹ̀. Agolo 12 ti pòórá nínú àkọsílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó jókòó síbẹ̀. Agolo méjì tó kù fún ṣọ́ọ̀bù náà ńkọ́? Ẹ̀rọ wá ibòmíì tí tòmátì kan náà wà, ó rí i ní ọ̀nà 31, ó sì rán arábìnrin kan láti ìpẹ̀kun ilé lọ síbẹ̀ nítorí agolo méjì péré. Lẹ́yìn ìyẹn, nítorí pé àyè ti di òfo lójú ẹ̀rọ, ó pàṣẹ kí wọ́n gbé páléètì tuntun sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá kún ibẹ̀. Awakọ̀ fọ́kílífìtì gbé e dé, àyè kò gbà á nítorí páálí tó wà lẹ́yìn, ó gbé e kalẹ̀ sójú ọ̀nà. Ọ̀nà 14 dí. Gbogbo wa tó ní ọjà láti ṣà níbẹ̀ dúró. Ẹni tó ń ka ọjà náà tún fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá ka pẹpẹ kan tí kò ní ìṣòro tẹ́lẹ̀. Orúkọ ta ló wà lára gbogbo rẹ̀? Ti arákùnrin yẹn ni, nítorí ẹ̀rọ ń kọ orúkọ ẹni tó tẹ `SHORT`, àyè tó ti tẹ̀ ẹ́, àti aago tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tó ń ka ọjà bá dé tó bá ọjà níbẹ̀, kò sí àlàyé kankan mọ́.

Nítorí náà, kí ọwọ́ yín tó kan bọ́tìnnì yẹn, ẹ tún lébẹ́ẹ̀lì kà, nọ́ńbà àti ọfà, bóyá àyè tó tọ́ lẹ dúró sí. Ẹ wo ẹ̀yìn, kí ẹ wo abẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé páléètì, nítorí ọjà máa ń wà nínú páálí tí ẹnì kan ya sílẹ̀ láìkó gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ wo ilẹ̀ àti àyè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bóyá ó já bọ́ tàbí ó yẹ̀. Ẹ má gun irin o! Bó bá ga jù, ẹ pe awakọ̀ fọ́kílífìtì láti gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe tíìmù lídà, kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti ń gbé òmíràn bọ̀ láti òkè, nítorí níbi tí wọ́n bá ti ń gbé e bọ̀, wọ́n lè ní kí ẹ fo ìlà yẹn, ìyẹn ọjà kan yẹn nínú àkójọ tí ẹ̀rọ ní kí ẹ ṣà, kí ẹ padà sí i, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí `SHORT`. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ọjà kò sì sí, ẹ tẹ `SHORT` láìbẹ̀rù. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn, ẹni tó bá wá ka ọjà á bá àyè lófìfo, kò sì sí ẹni tó máa bá yín wí.

Mo tẹnu mọ́ "láìbẹ̀rù" nítorí àwọn kan gbọ́ ìbáwí lórí `SHORT` tán, wọ́n wá yà síbi tó burú jù ú lọ. Wọ́n rí i pé ọjà kan náà wà lórí páléètì ní àyè kejì, wọ́n mú un níbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ẹni pé ibi tí ẹ̀rọ rán wọn ni wọ́n ti mú un. Lójú wọn, wọ́n ti ran ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n páléètì tí ẹ̀rọ mọ̀ sí páálí 48 ti di 46, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ mìíràn, ẹ̀rọ á ṣèlérí páálí 48 fún ẹlòmíì láti orí rẹ̀, onítọ̀hún á wá méjì tì, òun ni yóò sì máa dáhùn ìbéèrè súpáfáísọ̀ láàárín òru. Ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́ náà wà níbẹ̀. Lórí wàrà, yúgọ́ọ̀tì àti oúnjẹ ọmọ, ẹ̀rọ sábà máa ń yan èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ jù kó kọ́kọ́ jáde. Bí ẹ bá mú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó yẹ kó lọ á jókòó síbẹ̀ títí á fi bàjẹ́. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá sì ní kí wọ́n kó àwọn tó ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà padà nítorí àléébù, àkọsílẹ̀ á ní ibì kan ló lọ, ibòmíì ló sì wà. Ọmọ ọwọ́ lè ti máa mu ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú ọjà níbi tí ẹ̀rọ kò rán yín sí.

Àwọn tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá ń ṣa ọjà ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin pọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ kan, ẹ sikáànù àpótí tí ẹ ń kó o sí nígbà gbogbo, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀, nítorí ẹyọ kan tó bọ́ sí àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀ á di àṣìṣe méjì: ẹnì kan gbà jù, ẹnì kan kò gbà tó. Ẹ má fo ìlà nítorí pé èyí tó kàn jìnnà. Wọ́n sábà máa ń to ìlà náà kí ọjà tó wúwo lè kọ́kọ́ wọ kéèjì, kí bísíkítì má baà wà lábẹ́ omi inú ike. Ẹ má fi orúkọ ẹlòmíì wọlé, kódà fún ìṣẹ́jú kan, bó ti wù kí ọ̀rẹ́ yín bẹ̀ yín tó. Bátìrì ń kọ́? Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi, kó má baà kú láàárín ìlà.

Ohun kan tún wà tí kò sẹ́ni tó ń sọ fún àwọn tuntun. Bí aago bá lù tí ìlà ṣì kù, ẹ má kàn gbé ẹ̀rọ padà sẹ́nu wáyà kí ẹ máa sáré lọ bá bọ́ọ̀sì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iṣẹ́ tí ẹ kò parí á wà lábẹ́ orúkọ yín, ẹlòmíì kò ní lè ṣí i, kéèjì yín á sì dúró sójú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e ń dúró dè é lẹ́nu ibi ìkẹ́rù. Ẹ lọ bá tíìmù lídà, ẹ sọ ìlà tí ẹ dé àti ibi tí kéèjì wà, kí ó tú iṣẹ́ náà kúrò lórúkọ yín lójú yín, kí ẹ tó jáde.