Nígbà tí fọ́ọ̀mù físà Ìlú Ọba bá ń takora: ìbéèrè àti ìdáhùn

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí mo fẹ́ rìn ti yí padà. Ṣé mo lè lo lẹ́tà ìsinmi tí ọ̀gá mi ti kọ tẹ́lẹ̀?"

Rárá. Ẹ gba òmíràn. Ọjọ́ ìsinmi tó wà nínú lẹ́tà gbọ́dọ̀ gba àlọ àti àbọ̀ yín. Bó bá sì ku ju oṣù mẹ́ta lọ kí ẹ rìn, kò tíì tó àsìkò láti béèrè físà ìbẹ̀wò.

"Mo lọ Hájì ní 2017, n ò rántí ọjọ́ mọ́."

Ẹ wo òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù àtijọ́. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ oṣù àti ọdún tó dá yín lójú. Ẹ má hùmọ̀ ọjọ́.

"Owó oṣù mi jẹ́ 180,000 náírà, 140,000 ló ń wọ báǹkì. Èwo ni kí n kọ?"

Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn owó orí ni fọ́ọ̀mù ń béèrè. Bí owó orí bá jẹ́ 10,000, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì gba 30,000, ẹ kọ 170,000. Ẹ wá fi ìwé owó oṣù tì í, kí ẹni tó ń kà á lè rí ibi tí 30,000 gbà lọ. Bí ẹ bá dákẹ́, yóò rò pé ẹ fi kún owó náà ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds ló pè mí, òun ló sì máa ràn mí lọ́wọ́ owó."

Ẹ̀gbọ́n wo? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kó síbí, nítorí pé nílé wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, ẹ̀gbọ́n ẹni ni. Ẹ kọ `brother`, òun kọ `cousin` sínú lẹ́tà tó fi pè yín, ó di ọ̀rọ̀ méjì. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín ni, `cousin` ni kí ẹ̀yin méjèèjì kọ. Bákan náà ni iye owó: bí ẹ bá kọ pé yóò fún yín ní £500, lẹ́tà rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé òun ni yóò san gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan.

"Kánádà ló bọ́ńsì mi, kì í ṣe Ìlú Ọba. Ṣé dandan ni kí n sọ ọ́?"

Dandan ni. Ìlú Ọba tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn ni ìbéèrè náà wí. Kí wọ́n kọ̀ yín rí kò burú tó kí ẹ fi pamọ́: ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi irọ́ tàn wọ́n, wọ́n lè máa kọ̀ ọ́ fún ọdún 10.

"Ẹ́jẹ́ǹtì ló bá màmá mi kọ fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, wọ́n sì bọ́ńsì wọn. A ò mọ ohun tó kọ."

Èyí ló fún mi níṣẹ́ jù lọ. Ìyá kan wá bá mi láti Ọ̀fà ní 2023. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ wọn tó wà ní Manchester sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n ti kọ̀ wọ́n ní 2019, lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ náà sì ti sọnù. A kọ fọ́ọ̀mù tuntun tán, gbogbo rẹ̀ pé, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. N ò jẹ́ kí wọ́n sanwó.

A béèrè fáìlì àtijọ́ náà lọ́wọ́ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí físà. Ohun tí ẹ máa wá lórí gov.uk ni `Subject Access Request`. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni òfin sì fún wọn láti dáhùn. Ọmọ ìyá náà ló bá wọn fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí ìyá fọwọ́ sí.

Nígbà tó dé, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo tẹ́ ti àtijọ́ àti tuntun sórí tábìlì, mo ń fi bírò pupa fàlà síbi tí wọ́n ti takora. Ibi mẹ́ta ni. Ẹ́jẹ́ǹtì kọ pé aṣọ ni ìyá ń tà láti 2010, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń kọ́ni láti 1988 títí di 2020. Ó kọ owó oṣù 300,000, irú owó bẹ́ẹ̀ kò wọ báǹkì wọn rí. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, méjì ló kọ: ó yọ àwọn tó wà nílé, àwọn náà gan-an sì ni ẹ̀rí pé ìyá ní ìdí láti padà wá. Ìyá bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Èmi tí mo fi ọdún 32 mú ṣọ́ọ̀kì?"

Ọmọ wọn ní kí a tẹ̀lé ti àtijọ́ kí ìwé lè bára mu. Mo kọ̀. Òótọ́ ni a kọ sínú fọ́ọ̀mù tuntun, a sì lo àyè àlàyé tó wà níparí rẹ̀: "Ní 2019, ẹlòmíràn ló kọ fọ́ọ̀mù mi, n kò kà á. Ó kọ pé oníṣòwò ni mí. Olùkọ́ ni mí; ẹ wo lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ àti ti ìfẹ̀yìntì." Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún owó oṣù, bẹ́ẹ̀ la ṣe fún àwọn ọmọ, ẹ̀rí tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ò fi ẹ́jẹ́ǹtì ṣe àwáwí, nítorí òfin wọn gbà kí wọ́n tìtorí irọ́ inú fọ́ọ̀mù fi físà du ẹni tó ni ín, bí kò tilẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Àtúnṣe la ṣe kí wọ́n tó bi wá. Físà oṣù mẹ́fà jáde.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé fáìlì 2019 sọ pé owó oṣù kò bá báǹkì mu. Kò pè é ní ẹ̀tàn. Bí tiyín bá dárúkọ ẹ̀tàn tàbí ọdún 10, ẹ má tún fọ́ọ̀mù kankan kọ, ẹ má sì wá sọ́dọ̀ mi. Físà ìbẹ̀wò kì í sábà ní ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn, nítorí náà agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú wọn ni kí ẹ gbé fáìlì náà fún.