Ẹ yé kọ 90 síbi tí wọ́n ti ń wá 70: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbé CO2

Pásẹ́ńtì mélòó nínú CO2 ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé bíi báíkábónéètì? Ẹnì kan á ní 90, ẹlòmíì á ní 70, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jiyàn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló gbà á, ohun tí wọ́n ń kà ni ò dọ́gba. Èmi náà ti kó sí i rí níwájú olùkọ́ kan, ó bi mí nípa èyí tí ẹ̀jẹ̀ kó nínú ẹran ara, èmi fi 90 dá a lóhùn gbọinrin, ojú tì mí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀jẹ̀ 100 mL ká máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tó ṣì wà nínú iṣan àlọ, kò tíì dé ibi iṣẹ́ rárá, CO2 bíi 48 mL ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Nǹkan bíi 43 nínú ẹ̀ jẹ́ báíkábónéètì, 2.4 yọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀ lásán, 2.4 tó kù lẹ̀ mọ́ pùrótéènì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kábámínò. Ibẹ̀ ni 90, 5, 5 ti wá. Ẹrù àtijọ́ nìyẹn o, kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó kàn ń gbé e yípo ni. Tó bá wá dé inú ẹran ara, á gba 4 mL sí i, á jáde pẹ̀lú 52. Nínú 4 tuntun yìí, 2.8 di báíkábónéètì, 0.9 di kábámínò, 0.3 yọ́ lásán, ẹ pín in, ẹ ó rí 70, 23, 7. Àwọn ìwé míì kọ 60, 30, 10, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú, ìdíwọ̀n wọn ló yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ sáà kọ́kọ́ wò ó bóyá gbogbo èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, àbí èyí tó ń ti ẹran ara lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ tún kíyè sí kábámínò, bó ṣe fò láti 5 sí 23. Hìmóglóbìn tó ti já ọ́síjìn sílẹ̀ máa ń di CO2 mú ju èyí tí ọ́síjìn kún inú ẹ̀ lọ, ipa Họ́ldéènì nìyẹn. Ibí ni àwọn èèyàn ti wá ń sọ pé CO2 gba àga ọ́síjìn. Rárá o! Orí irin tó wà nínú hímù ni ọ́síjìn ń jókòó sí, ìdí ẹ̀wọ̀n gílóbìn, níbi àmínò tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n náà, ni CO2 ń lẹ̀ mọ́. CO, tí kò ní 2 nídìí, ló ń bá ọ́síjìn du irin yẹn, òun ló sì ń pa èèyàn nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́.

Òmíì: "inú pílásímà ni báíkábónéètì ti ń wáyé." Inú pílásímà ló ń wọkọ̀ lọ, lóòótọ́, àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni wọ́n ti ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù kábọ́níìkì áńháídíréèsì wà. Láìsí i, CO2 àti omi á máa fà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀jẹ̀ ò sì lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́ta lọ nínú iṣan tíń-tín-tín. Báíkábónéètì, ìyẹn HCO3−, á jáde, Cl− á wọlé dípò ẹ̀, H+ tó ṣẹ́ kù hìmóglóbìn á gbé e mì, ìdí nìyẹn tí pH fi ń sún láti 7.40 sí nǹkan bíi 7.36 péré. Omi náà ń bá Cl− wọlé, sẹ́ẹ̀lì pupa inú iṣan àbọ̀ wá wú díẹ̀ ju ti iṣan àlọ lọ.

Èyí tó yọ́ lásán ni gbogbo wọn ń fojú tín-ín-rín. Òun nìkan ló ń ṣe ìtì tí wọ́n ń kọ ní PCO2, tó ń ti 40 lọ sí 45 mmHg, gbogbo CO2 ló sì gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá kó tó wọlé tàbí jáde. Ẹ wá wo èsì lábù tí wọ́n kọ "CO2 25" sí. Ẹnì kan á ní "ó kéré, 40 ló yẹ kó jẹ́." Kì í ṣe mmHg nìyẹn, mmol/L ni! Ẹ fi 0.03 lọ́nà 40, ẹ ó rí 1.2, ìyẹn lèyí tó yọ́, nǹkan bíi 24 tó kù báíkábónéètì ni. Ẹ má sì ṣí ìgò ẹ̀jẹ̀ yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì, torí bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ni CO2 á bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ á kà á sì lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe aláìsàn.