Bí a ṣe ń fi ààlà sí owó kéékèèké tí mọ̀lẹ́bí ń bèèrè lemọ́lemọ́

Owó ńlá kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Bí mọ̀lẹ́bí bá bèèrè owó ńlá, ẹ ó jókòó rò ó, ẹ ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọkọ tàbí ìyàwó yín, ẹ ó sì mọ̀ bóyá agbára yín ká a. Kékeré ni ẹnikẹ́ni kì í rò lẹ́ẹ̀mejì. Owó ìpè lónìí, owó ọkọ̀ lọ́tùn-únla, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi díẹ̀ kún tọwọ́ mi" bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń parí lọ. Kí oṣù tó dé ìdajì, àpò ti ń jò, ẹ ò sì mọ ibi tó ti lu.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti rí tí wọ́n fẹ́ fi ààlà sí i, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà bà á jẹ́. Wọ́n á fara dà á títí ara wọn ò fi ní gbà á mọ́, wọ́n á wá kanra mọ́ ẹni tó bèèrè kẹ́yìn, ẹni tó ṣeé ṣe kó má ti yọ wọ́n lẹ́nu rí. Lọ́jọ́ kejì, ojú á tì wọ́n, wọ́n á fi owó tó ju èyí tí ó bèèrè lọ ránṣẹ́ láti fi tù ú lójú. Gbogbo ẹbí á sì ti gbọ́ méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ wo oṣù 3 tó kọjá nínú àkọsílẹ̀ báǹkì yín. Ẹ kọ orúkọ, iye, àti ohun tí wọ́n ló wà fún. Ìwé àjákọ lásán ti tó. Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n ṣe é sórí fóònù, torí pé inú fóònù náà ni ẹ̀bẹ̀ tuntun á ti máa wọlé nígbà tí ẹ bá ń kọ ti àtijọ́ lọ́wọ́. Ẹ má yọ àwọn tí ẹ ò fún kúrò. Ẹ kọ àwọn náà, kí ẹ sì fàlà sábẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnìkan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 100. Lójú ara rẹ̀, ohun tó ń fún ẹbí lóṣù ò lè ju 5 lọ. Ìgbà tó kọ ọ́ sílẹ̀, 42 ló ti ná láàárín oṣù 3, ìyẹn 14 lóṣooṣù. Nínú 42 yẹn, àbúrò rẹ̀ kan àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nìkan ló gba 24. Àwọn méjèèjì yìí kọ́ ni ìyà ń jẹ jù nínú ẹbí. Àwọn ni wọ́n kàn máa ń pè ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Àbúrò màmá rẹ̀, tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, pè lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ tó sì pè, kò sí nǹkan nílẹ̀ mọ́. Orúkọ màmá yìí ló wà lókè ìlà tí ó fà.

Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí wà fún nìyẹn. Ẹ ó rí i pé àìsí ààlà kì í jẹ́ kí owó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó yára pè ló máa ń dé.

Ẹ mú iye kan, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀

À ń sunkún, à ń ríran. Owó ilé, oúnjẹ, gbèsè àti ohun tí ẹ ń fi pa mọ́ ló kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ ó mú iye tí ẹ lè fi sílẹ̀ láìsí pé ẹ ń yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí mú 8. Ó pín in sí ọ̀nà 3: 2 fún àbúrò màmá rẹ̀, 3 fún ẹni yòówù tó bá bèèrè, 3 fún pàjáwìrì. Ti pàjáwìrì yìí, bí oṣù bá parí láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà, yóò máa pọ̀ sí i.

Ẹ ṣàkíyèsí 2 ti àkọ́kọ́ yẹn. Màmá náà ò bèèrè. Ọkùnrin náà ló ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù. Ẹni tó bá mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ ní ọjọ́ báyìí kì í fi bẹ́ẹ̀ pè láàárín oṣù, kì í sì í fojú kéré ara rẹ̀. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà kan tàbí méjì tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní í fi sílẹ̀ láéláé, ẹ sọ tiwọn di ohun tó ní ọjọ́. Ẹ má sọ ti ọ̀dọ́ tó lè ṣiṣẹ́ dà bẹ́ẹ̀.

Àkáǹtì kejì ló dára jù, èyí tí kò ní káàdì. Bí kò bá sí, àpò ìwé tí ẹ kó owó sí náà ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé tí 3 ti àwọn tó ń bèèrè yẹn bá ti tán, oṣù yẹn ti tán. Ẹ má yá a lára oṣù tó ń bọ̀.

Kí ọkọ àti ìyàwó mọ iye náà, kí wọ́n sì jọ máa sọ ohun kan náà. Bí èkíní bá ń sọ pé ó ti tán, tí èkejì ń yọ́ fi ránṣẹ́, ẹ kúkú má bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn: ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń dàrú

Ẹ má pe ìpàdé ẹbí láti kéde iye yìí. Ohun tí ẹ bá gbé síwájú ẹbí, wọ́n á jíròrò lé e lórí, wọ́n á sì bá yín fi kún un. Kìkì àwọn tí wọ́n máa ń bèèrè jù ni ẹ ó pè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, lórí fóònù, kì í ṣe nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ síra wọn: "Àbúrò mi, láti oṣù tó ń bọ̀, mo ti ya iye kan sọ́tọ̀ fún ẹbí. Tó bá ti tán, ó di oṣù míì nìyẹn. Mo ní kí n sọ fún ọ ṣáájú, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí kò bá sí ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́." Ó tó.

Ìdáhùn 3 ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, ẹnu gbogbo wa ló sì ti ń jáde.

Àkọ́kọ́ ni "màá rí sí i." Lójú ẹni tó sọ ọ́, ọ̀nà pẹ̀lẹ́ láti sọ pé rárá ni. Létí ẹni tó gbọ́ ọ, ìlérí ni. Kò ní wá owó náà níbòmíràn mọ́. Ó lè ti lọ sọ fún ẹni tó jẹ lówó pé owó ń bọ̀ lọ́la. Bó bá di ọjọ́ kẹta tí ẹ ò fi ránṣẹ́, òtítọ́ ni pé ẹ já a kulẹ̀, ju bí ẹ bá ti sọ pé kò sí lọ. Bí ẹ ò bá mú nǹkan míì nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò lẹ́nu.

Èkejì ni irọ́: "wọn ò tíì san owó oṣù fún wa." Ẹbí ò jìnnà síra wọn. Ẹnìkan á rí aṣọ tuntun lọ́rùn ọmọ yín, irọ́ náà á sì di ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa yín. Yàtọ̀ síyẹn, irọ́ yìí ní ọjọ́ tó máa tán. Nígbà tí wọ́n bá san owó oṣù ńkọ́?

Ẹ̀kẹta ni àlàyé gígùn, òun ló sì ń mú àwọn olóòótọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìnáwó yín fún un: owó iléèwé, ọkọ̀ tó bàjẹ́, gbèsè. Ìdí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ, ibi tí yóò ti mú yín ni. "Ṣé ọkọ̀ ò lè dúró di oṣù míì ni?" Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ nìyẹn, ẹni tó wá tọrọ sì ti di adájọ́.

Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ má dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Màá pè ọ́ padà ní aago 7 ìrọ̀lẹ́ yìí," kí ẹ sì pè ní aago 7 lóòótọ́. Bí ẹ ò bá pè, "màá rí sí i" náà lẹ sọ. Láàárín àkókò yẹn, ẹ yẹ ohun tó kù nínú 3 ti àwọn tó ń bèèrè wò. Bí ẹ bá pè é, ẹ sọ iye, ẹ sọ ọjọ́, ẹ dákẹ́. "Mo lè mú ìdajì níbẹ̀. Ó máa wọlé lọ́la. Ohun tí mo ní nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ yìí o." Tàbí: "Ti oṣù yìí ti tán. Mi ò ní lè ṣe é." Ìdákẹ́jẹ́ tó máa tẹ̀ lé e yóò fẹ́ mú yín fi nǹkan kún un. Ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ẹ mọ̀ pé lóṣù àkọ́kọ́, ìpè yóò pọ̀ sí i. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbìyànjú, wọ́n kàn ń lò ó kíkankíkan ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àmì pé ọ̀nà yìí ò dára nìyẹn, wọ́n sì juwọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tí ẹ sì fún un nígbà karùn-ún, ohun tí ẹ kọ́ ọ ni pé ìpè márùn-ún ni owó yín ń gbà. Lọ́jọ́ míì, márùn-ún ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò rán àgbà. Níbí ni ìbọ̀wọ̀ àti ààlà ti máa ń dà bíi pé wọ́n kọlu ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò kọlura. Ká ní ẹ̀gbọ́n ìyá yín kan pè: "Kí ló dé tó o fi jẹ́ kí àbúrò rẹ máa sunkún kiri?" Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ mà, ohun tí mo lè ṣe lóṣù yìí ni mo ti ṣe. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù." Bí màmá bá tún sọ ọ́, ẹ tún sọ gbólóhùn kan náà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan náà. Ẹ má fi àbúrò yẹn sùn, ẹ má ka iye tó ti gbà rí fún wọn. Ìwé àjákọ yẹn, ẹ̀yin nìkan ló wà fún.

Ti pàjáwìrì

Ẹ ti pinnu ohun tó jẹ́ pàjáwìrì kí ó tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, àìsàn tó gba ilé ìwòsàn, òkú, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ tì jáde nílé ni. Ìnáwó ayẹyẹ kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́lé tó. Bó bá ṣeé ṣe, ilé ìwòsàn tàbí onílé ni kí ẹ san án fún. Bí ẹ̀bẹ̀ bá wá nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn ẹni náà. Àwọn oníjìbìtì máa ń já fóònù gbà láti fi tọrọ owó lọ́wọ́ ẹbí.

Ẹ má pè é ní àyálò àfi tí ẹ bá máa bèèrè rẹ̀ padà lóòótọ́. Gbèsè kékeré tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà ló ń mú kí àbúrò máa sá fún ẹ̀gbọ́n nínú àpéjọ ẹbí.

Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ ṣí ìwé àjákọ náà, kí ẹ wò ó bóyá iye náà ṣì bá owó oṣù mu. Bí owó oṣù bá pọ̀ sí i, ẹ lè fi kún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tó oṣù 2 tàbí 3 lẹ́yìn tí ìròyìn ti tàn dé ọ̀dọ̀ ẹbí, kí ẹ sì fi kún ti màmá tó ń lo oògùn kí ẹ tó fi kún ti ẹni tó ń pè.