Ìwé Ìtọ́sọ́nà: Gbígba Fídíò Pa Pọ̀ àti Lílo Àwòṣe Kan fún Àtúntò Wọn

Ìwé yìí wà fún àgbẹ̀ àti ìdílé tí ń fi fóònù gba fídíò kúkúrú, yálà láti fi iṣẹ́ wọn han àwọn oníbàárà tàbí láti fi kọ́ ẹlòmíràn. Bí ènìyàn bá kíyè sí ibi tí àkókò ń lọ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé gígé àwòrán gan-an kì í pẹ́ tó títo kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan sí i, wíwá orin àná, àti kíkọ orúkọ kan náà sójú fídíò ní ìgbà gbogbo. Àwọn wọ̀nyí ni a lè ṣe lẹ́ẹ̀kan péré.

A ó fi fídíò mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 2, lórí ìtọ́jú ọ̀gbìn kékeré: kíkún ike ìgbìn pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, gbígbin irúgbìn, bíbomirin, àti yíyọ ọ̀gbìn kúrò nínú ike nígbà tí ó bá tó lọ sí oko.

Kí a tó gbé kámẹ́rà

Fídíò kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí nílò ìtò méjì: ọ̀kan tí olùsọ̀rọ̀ kọjú sí kámẹ́rà, àti èkejì tí kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Bí a bá gbà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtò 8 ni a ó ṣe. Bí a bá gba gbogbo ọ̀rọ̀ ojú-kámẹ́rà tán kí a tó sún mọ́ tábìlì, ìtò 2 ni yóò kù. Bí ìtò kan bá ń gba ìṣẹ́jú 15, wákàtí 2 ti di ìdajì wákàtí nìyẹn. Nítorí náà, kí a kọ gbogbo apá tí a fẹ́ gbà sórí ìwé, kí a sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ibi tí kámẹ́rà yóò dúró sí, láìka bí wọn yóò ṣe tẹ̀ léra nínú fídíò sí.

Ìṣòro kan wà tí iṣẹ́ oko nìkan ń fà: ọ̀gbìn kì í dàgbà ní ọ̀sán kan. Ẹni tí ó fẹ́ gba gbígbin irúgbìn àti yíyọ ọ̀gbìn ní ọjọ́ kan náà gbọ́dọ̀ ti gbin irúgbìn sínú ike mìíràn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, kí ó sì ní òmíràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù fún ti bíbomirin. Bí èyí kò bá rọrùn, kí a gba ọ̀rọ̀ ojú-kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, kí a sì fi apá ọwọ́ sílẹ̀ di ìgbà tí ọ̀gbìn bá tó. Èrè rẹ̀ yóò dínkù, ṣùgbọ́n kò ní sọnù tán.

Nígbà tí a bá ń gbà á

Kí a yan ìwọ̀n kan fún gbogbo rẹ̀, fún àpẹẹrẹ 1080 × 1920 fún fídíò olóòró, pẹ̀lú àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kí a má sì yí i padà láàárín iṣẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí a bá fi ìka tẹ ojú olùsọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lórí gíláàsì, kámẹ́rà yóò dúró lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran kan, kò sì ní máa ṣú kí ó máa mọ́ bí ọwọ́ bá ń kọjá. Kí a pa ìlà ìpè náà pẹ̀lú, nítorí ìpè kan lè gé fídíò sí méjì.

Ní ìta gbangba, ìkùukùu lè yí àwọ̀ àwòrán padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ó dára jù ni kí ọ̀rọ̀ ojú-kámẹ́rà tẹ̀ léra wọn kíákíá lábẹ́ ibòòji kan.

Kí olùsọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ nọ́ńbà rẹ̀ sókè: «Fídíò kejì, ìbẹ̀rẹ̀.» Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí ó má ṣe dá kámẹ́rà dúró. Kí ó dákẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 2, kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà láti orí rẹ̀. Nínú áàpù àtúntò, níbi tí ohùn ti ń hàn bí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, àtẹ́wọ́ yóò yọ ṣóńṣó lẹ́yìn pẹ̀tẹ́lẹ̀ kékeré kan, ẹni tí ń gé e yóò sì mọ ibi tí àṣìṣe wà láìgbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí bí ike bá ṣubú tàbí afẹ́fẹ́ fẹ́ lu máìkì, òun náà lè yọ ṣóńṣó, ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í sábà ṣáájú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé yìí, èyí ni mo rò pé ó ń dín àkókò kù jù lọ, kò sì ná ènìyàn ní nǹkan kan.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí kámẹ́rà sì máa gbà. Ìró àyíká yìí ni a ó fi dí àlàfo níbi tí a bá ti gé ọ̀rọ̀, kí ohùn má baà kú lójijì.

Fódà ohun tí a ń tún lò

Kí a kó àwọn ohun tí fídíò gbogbo ń lò sínú fódà kan ṣoṣo: ìbẹ̀rẹ̀, ìparí, àmì oko, orin, àti àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, bí omi tí ń dà sórí ewé tàbí ibi ìtọ́jú ọ̀gbìn láti òkèèrè, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10. Kí àmì oko jẹ́ fáìlì `.png`, nítorí `.jpg` kò lè gba ẹ̀yìn tí a ń rí inú rẹ̀, yóò sì gbé àpótí funfun sójú fídíò. Kí ẹ̀rí àṣẹ láti lo orin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin náà. Kí orúkọ fáìlì jẹ́ lẹ́tà lásán láìsí àmì ohùn, bí `02_ibere.mp4`, kí ó má baà bàjẹ́ nígbà tí a bá gbé e láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn.

Àwòṣe

Àwòṣe ni iṣẹ́ àtúntò tí a ti tò sílẹ̀ nínú áàpù, tí a ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún fídíò tuntun kọ̀ọ̀kan. A kì í kọ́ ọ láti inú òfìfo. Kí a parí fídíò àkọ́kọ́ dáadáa, kí a wò ó lórí fóònù kékeré, lẹ́yìn náà kí a ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ náà, kí a pè é ní `AWOSE`, kí a sì yọ àárín rẹ̀ kúrò. Ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ olùsọ̀rọ̀, orin tí a ti rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀, àti ìparí yóò ṣẹ́ kù ní ààyè wọn. Fún fídíò kejì, ẹ̀dà `AWOSE` ni a ó ṣí. A kò ní fọwọ́ kan `AWOSE` fúnra rẹ̀. Kí orin inú rẹ̀ gùn ju fídíò tí ó gùn jù lọ, nítorí ó rọrùn láti gé orin ju kí a máa so ó pọ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni àkọlé àtijọ́ tí ó ṣẹ́ kù, tí fídíò bíbomirin sì jáde pẹ̀lú àkọlé gbígbin. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ inú àwòṣe jẹ́ «KỌ ÀKỌLÉ SÍ IBÍ» ní àwọ̀ pupa, kí ojú má baà fò ó. Kí a sì fi ọ̀rọ̀ tí ó ní ẹ̀, ọ́ àti ṣ nínú dán irú lẹ́tà tí a yàn wò, nítorí òmíràn máa ń fi àpótí òfìfo rọ́pò wọn, tàbí kí ó gbé àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà.

Nínú ọ̀pọ̀ áàpù, iṣẹ́ àtúntò kì í gbé àwòrán sínú ara rẹ̀; ibi tí fáìlì wà ni ó ń rántí. Bí a bá gbé fódà ohun-èlò kúrò, tàbí tí a pa fídíò rẹ́ nínú fóònù láti rí àyè, àwòṣe yóò ṣí pẹ̀lú ojú dúdú tàbí ìkìlọ̀ pé fáìlì kò sí. Bí a bá dá fódà náà padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ó ń jẹ́, ó sábà máa ń tún ara rẹ̀ so. Ṣùgbọ́n èyí tí a ti pa rẹ́ kò ní padà, àfi bí ẹ̀dà rẹ̀ bá wà lórí ẹ̀rọ mìíràn.