Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yẹ ọmọ tí wọ́n ń fòòró wò

Inú ń run ọmọbìnrin ọdún 14 kan. Ìyá rẹ̀ ti gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti tọ́jú ibà, wọ́n ti tọ́jú táífọ́ọ̀dù, síbẹ̀ inú kò yéé run ún. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Mo kó ìtàn rẹ̀ jọ láti ara irú àwọn ọmọ tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ìtàn ọmọ kan ṣoṣo.

Àṣìṣe tó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ ni pé a máa ń tún kọ oògùn mìíràn láìbéèrè ìgbà tí àìsàn náà ń dé. Alẹ́ Sọ́ńdè ni ti Àbẹ̀kẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, á le sí i láàárọ̀ Mọ́ńdè, bí wọ́n bá sì ti gba ọlidé, á pòórá. Ẹ má ṣe sọ pé ọmọ náà ń díbọ́n. Ìnira ọkàn máa ń fa inú rírun, orí fífọ́ àti àìróorunsùn gidi, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń fòòró ló sì jẹ́ pé ara ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹnu tó sọ ọ́.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni kí a bi ọmọ léèrè lójú ìyá rẹ̀ pé, “Ṣé wọ́n ń fòòró ẹ nílé ìwé ni?” Yóò dáhùn pé, “Rárá, mà,” ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ bẹ ìyá pé kó jókòó síta díẹ̀. Ẹ wá sọ fún ọmọ pé ohun tó bá sọ kò ní jáde, àyàfi bí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu. Ẹ má ṣe ṣèlérí àṣírí tí kò ní ààlà, torí bí ẹ bá padà sọ ọ́ síta, kò ní fọkàn tán dókítà mọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe ni kí ẹ béèrè. Ta ni o máa ń jókòó tì ní kíláàsì? Ṣé ẹnì kan ti fún ọ ní orúkọ tí o kò fẹ́ rí? Kí ni wọ́n ń sọ ní gúrúùpù Wáàsáàpù kíláàsì yín? Ibi ìbéèrè yìí ni Àbẹ̀kẹ́ ti sọ̀rọ̀: wọ́n ya àwòrán rẹ̀ nígbà tó sùn ní kíláàsì, wọ́n sọ ọ́ di sítíkà, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ nígbàkigbà tó bá kọ nǹkan sí gúrúùpù náà.

Dan Olweus, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tí wọ́n bí ní Sweden àmọ́ tó ṣiṣẹ́ ní Norway, ló kọ́ wa pé ìfòòró ní àmì mẹ́ta: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, agbára ẹni tó ń ṣe é sì ju ti ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí lọ. Lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹnì kan lè gbé àwòrán jáde, kí àwọn mìíràn máa pín in kiri fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹ béèrè iye ẹni tó ti rí i àti bóyá ó ṣì ń lọ káàkiri.

Ẹ tún béèrè bóyá òun náà ti ṣe irú rẹ̀ sí ẹlòmíràn, láìfi ìbínú béèrè. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní North Carolina, tí wọ́n gbé jáde ní 2013, tẹ̀ lé àwọn ọmọ títí wọ́n fi dàgbà. Àwọn tí wọ́n ń fòòró, tí àwọn náà sì ń fòòró ẹlòmíràn, ni ọkàn wọn bàjẹ́ jù lẹ́yìnwá ọ̀la, títí kan èrò àtipa ara ẹni.

Ìyẹn ló mú wa dé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń sá fún. Ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí a máa ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń wo ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. 27 ni àpapọ̀ máàkì rẹ̀, bó bá sì ti tó 10, ó yẹ kí a yẹ ọmọ náà wò dáadáa. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni kí a máa wo àpapọ̀ nìkan. Máàkì Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ 8, síbẹ̀ ó fàmì sí ìbéèrè tó kẹ́yìn, èyí tó ń béèrè bóyá ẹni náà ti ń rò ó pé ó sàn kí òun kú. Ìdáhùn kan yẹn tó láti dá a dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ bi í tààrà: “Ṣé o ti ronú láti pa ara rẹ?” Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn, ara máa ń tù wọ́n pé ẹnì kan béèrè. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè bóyá ó ti pinnu ọ̀nà tí yóò gbà, ẹ jẹ́ kí ìyá mọ̀, kó kó oògùn àti apakòkòrò inú ilé sábẹ́ àgádágodo, kí wọ́n má sì fi ọmọ náà nìkan sílẹ̀ títí onímọ̀ ìlera ọpọlọ yóò fi rí i.

Lẹ́yìn náà ni ìyá máa ń sọ pé òun á gba fóònù náà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyà ni ọmọ yóò kà á sí, kò sì ní fẹjọ́ sùn mọ́. Kí wọ́n jọ ya àwòrán ojú fóònù níbi tí sítíkà náà wà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó pa ohunkóhun rẹ́. Òun ni wọn yóò mú lọ bá ọ̀gá ilé ìwé.