Maikirómítà: ìdajì mìlímítà tó ń sọnù, àti bí mo ṣe yanjú rẹ̀

Iye tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ń kà lórí maikirómítà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ohun tó kéré gan-an, máa ń fi 0.50 mm gẹ́lẹ́ kéré sí bó ṣe yẹ nígbà míì. Mo yàwòrán rẹ̀ sára pátákó, mo ní kí wọ́n há ìlànà rẹ̀ sórí, pàbó ló já sí.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi kálípà wọn ohun kan náà. A lo irin róbótó kan. Lórí kálípà oní-0.02 mm, òdo fáníà, ìyẹn ìwọ̀n kékeré tó ń sún lára kálípà, ti kọjá 7, kò tíì dé 8. Ìlà kẹrin lẹ́yìn nọ́ńbà 7 lára fáníà ló ṣe déédéé pẹ̀lú ìlà kan lókè: 0.70 àti 0.08. Ó di 7.78 mm.

Lórí maikirómítà, ọ̀pá tí kì í yí fi 7 hàn, apá tó ń yí wà ní 28. Ọmọ náà kọ 7.28. Nígbà tí kò bá ti kálípà mu, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó sì rí ìlà kékeré kan tó ti yọ lẹ́yìn 7, ní òdìkejì ìlà gbọọrọ. Ìdajì mìlímítà tó sọnù nìyẹn: 7 + 0.50 + 0.28.

Bí apá tó ń yí bá wà ní nǹkan bí 48, ìlà yẹn lè ti máa yọjú kó tó yẹ ká kà á. Kálípà náà ló máa ń jẹ́ ká mọ èyí tó tọ́. Maikirómítà tí yíyí kan rẹ̀ jẹ́ 0.50 mm ni mo ń sọ o. Àwọn míì wà tí kò rí bẹ́ẹ̀.