Ẹ má dúró kí kátárátì “pọ́n”: àṣìṣe tó ń fọ́ àgbàlagbà lójú

Ní Àkúrẹ́, bí àgbàlagbà bá ti ní ojú òun ń ṣe bàìbàì, àwọn ará ilé á ti dájọ́: “Kátárátì ni, ẹ jẹ́ kó pọ́n ká tó lọ yọ ọ́.” Àṣìṣe méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé a kì í dúró de kátárátì kó pọ́n mọ́. Ìgbà tó bá ti ń dí iṣẹ́ oòjọ́ ẹni lọ́wọ́ ni wọ́n ń yọ ọ́, èyí tó bá sì ti pọ́n jù a máa le láti yọ. Èkejì ló burú jù: gìlókómà, àìsàn tó ń pa iṣan ìríran díẹ̀díẹ̀, lè sá pamọ́ sẹ́yìn kátárátì, kí ẹnikẹ́ni má fura.

Lẹ́ǹsì inú ojú ló ń dọ̀tí nínú kátárátì. Ohun tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ á máa funfun díẹ̀díẹ̀, bí omi funfun inú ẹyin ṣe ń rí bí iná bá kàn án. Ohun gbogbo á ṣe bàìbàì, àti ààrin àti ẹ̀gbẹ́, iná mọ́tò alẹ́ á sì máa ta ẹni lójú. Tí wọ́n bá yọ lẹ́ǹsì náà, tí wọ́n fi ti oníke rọ́pò rẹ̀, ìríran a sábà padà.

Ti gìlókómà yàtọ̀. Omi kan wà tí ojú ń pèsè nígbà gbogbo, tó sì ń ṣàn jáde. Bí ojú ọ̀nà tó ń gbà jáde kò bá ṣí dáadáa, ìfúnpá inú ojú á ga, á máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti kọ́kọ́ ń lọ. Kì í sábà dunni, ẹni tó ní in kì í sì í rí òkùnkùn kankan, torí pé ojú kejì àti ọpọlọ ń bá a dí àlàfo náà. Iṣan tó ti kú, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè jí i.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta gààrí ní Ọjà Ọba ṣe àpẹẹrẹ, ẹni 61 ọdún. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ṣe bàìbàì, wọ́n ní kó dúró. Láàárín ọdún méjì tó fi dúró, ó ń fi èjìká gbá òpó ìsọ̀, ó ń tẹ ẹsẹ̀ sínú gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń ka owó dáadáa. Ibí yìí ló yẹ kí wọ́n ti fura, nítorí kátárátì kì í pa ẹ̀gbẹ́ nìkan rẹ́ kó fi ààrin sílẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ìfúnpá ojú ọ̀tún jẹ́ 34, ti òsì jẹ́ 30. Láàárín 10 sí 21 ló yẹ kó wà. Wọ́n yọ kátárátì náà, ààrin mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kò padà.

Àṣìṣe míì tí ìyá yìí ṣe ni oògùn ojú tó ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì nítorí ojú tó ń yún un. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan tó ń jẹ́ dẹksamẹ́tasónì wà nínú rẹ̀. Bí a bá lò ó pẹ́ láìsí ẹni tó ń wọn ojú wa, ó lè gbé ìfúnpá sókè, ó sì lè fa kátárátì pẹ̀lú. Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ǹsì sẹ́yìn ojú níta ọjà ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ gbà á, ó máa ń ba ojú jẹ́ pátápátá.

Bí a bá ti pé 40 ọdún, ó yẹ ká lọ wọn ìfúnpá ojú, torí gìlókómà a máa tètè mú aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń le lára wọn. Wọn á kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, wọn á fi ẹ̀rọ kékeré kan kan ẹyinjú; àwọn míì ń lo èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo tàn yín. Ìfúnpá a máa lọ sókè sódò lójúmọ́, iṣan ẹlòmíràn sì lè máa kú nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ ṣì wà ní 18. Torí náà ẹ ní kí dókítà wo ẹ̀yìn ojú yín pẹ̀lú, kó sì yẹ ìríran ẹ̀gbẹ́ wò tó bá fura.

Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, nítorí náà dókítà ní kí ìyá náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Èyí tó jẹ́ 42 ọdún kò ní ẹ̀sùn kankan, ó ń ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 27, iṣan rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀. Nítorí pé ó ní ikọ́ fée, wọn kò fún un ní tímólọ́ọ̀lì, oògùn ojú tó ń mú ìfúnpá wálẹ̀ ṣùgbọ́n tó lè dí i lémìí. Òmíràn tó ń mú ìfúnpá wálẹ̀, latanopírọ́ọ̀sì, ni wọ́n fún un, ẹ̀kán kan lálaalẹ́, kó pa ojú dé, kó sì fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé ojú rẹ̀ kò ní ríran ju bó ṣe rí lọ, kó má sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dá oògùn dúró.